Te iru kì í ṣe “ń” nígbà gbogbo

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìrísí te nínú èdè Jàpáànù, bí a ṣe ń ṣẹ̀dá rẹ̀ kọ́ ló le jù. Àkọ́sórí nìyẹn: nomu di nonde, kaku di kaite, hanasu di hanashite, taberu di tabete. Iku ló yapa, torí itte ló ń dà. Ẹ sì ṣọ́ kiru méjèèjì: kiru tí a fi ń gé nǹkan di kitte, èyí tí a fi ń wọ aṣọ di kite. Ẹ dúró díẹ̀ lórí t inú kitte. Ẹni tó bá sáré pè é ti wọṣọ, kò gé nǹkan kan.

Títo ìṣe tẹ̀ léra kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Asa okite, kao o aratte, gakkō e ikimashita: ó jí láàárọ̀, ó bọ́jú, ó lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìkẹyìn nìkan ló ń sọ ìgbà. Ẹ fi ikimasu parí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ohun tó máa ń ṣe tàbí tó fẹ́ ṣe.

Tí ẹ bá ń bẹ èèyàn, matte kudasai dára fún “ẹ dúró”. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kí olùkọ́ bá yín wo àròkọ, mite kudasai ṣì ń dún bí àṣẹ létí rẹ̀. Ẹ sọ pé mite itadakemasen ka.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni te iru, tó ń di te imasu tí a bá ń fọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní “ń” ni, torí tabete imasu jẹ́ “ó ń jẹun”. Wàyí o, ẹni kan sọ fún yín pé Chichi wa Ōsaka ni itte imasu. Bàbá rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà o. Ó ti lọ sí Ōsaka, ibẹ̀ ló sì wà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló ṣì wà, mukatte imasu ni wọn ì bá lò. Bákan náà, shinde iru jẹ́ “ó ti kú”, kekkon shite iru jẹ́ “ó ti ṣègbéyàwó”, doa ga aite iru sì jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ẹ bi ara yín bóyá èèyàn lè máa ṣe é fún wákàtí kan. Jíjẹun ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà “ń” ló bá a mu. Ikú kì í gùn bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan náà ni nǹkan yí padà, ipò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni te iru sì ń sọ. “Ti” wa ló sún mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí “mi ò tíì jẹun” fi jẹ́ mada tabete imasen. Ẹ má sọ mada tabemasen deshita.

Shiru nìkan ni kó má tàn yín. “Mo mọ̀ ọ́n” ni shitte imasu, ṣùgbọ́n “mi ò mọ̀ ọ́n” ni shirimasen, láìsí te rárá.