Ẹ ní kó ka hóró oògùn màmá yín

Ẹni tó wà lókè òkun, tó ń sanwó fún èèyàn kan ní Òṣogbo kó máa bá a yọjú sí òbí rẹ̀, fọ́tò ló sábà máa ń rí gbà: màmá jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀rín kì í sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Hóró oògùn tó ṣẹ́ kù nínú káàdì ló ń sọ ọ́.

Ká ní màmá ń gbé Òkè-Baálẹ̀, dókítà sì ní kí wọ́n máa lo ámúlódípìn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró kan lójúmọ́. Wọ́n ra káàdì méjì, hóró 14 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gééré, kí wọ́n tó lo ti àárọ̀ náà, 14 ló yẹ kó kù. Bó bá jẹ́ 20 ló kù, ọjọ́ mẹ́fà ni wọn ò lò ó, bó ti wù kí wọ́n búra tó. Bó bá jẹ́ 9, bóyá wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ mìíràn, tàbí wọ́n ń fún aládùúgbò tí orí ń fọ́ níbẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣẹlẹ̀.)

Bí dókítà bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, tó rí 168/96, tí kò mọ̀ pé wọ́n fo ọjọ́ mẹ́fà, ó lè fi kún oògùn. Ọjọ́ tí màmá bá wá lò ó pé, ìfúnpá lè já wálẹ̀ jù, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á ṣubú.

Kí ẹni tí ẹ gbà má bá wọn jà o. Kó rọra béèrè: “Mọ́mì, kí ló dé tó fi kù tó báyìí?” Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ mi ló ń wú, ọmọ mi.” Òótọ́ ni, ámúlódípìn máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Dókítà ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Kó tún yẹ abẹ́ ìrọ̀rí wò: ibúpúrófẹ́nì tí wọ́n rà ní kẹ́mísì nítorí orúnkún lè gbé ìfúnpá sókè.

Kó tó wọn ìfúnpá, kí màmá kọ́kọ́ tọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Apá lásán ni kó wé ọ̀já ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́, kì í ṣe orí bùbá, kí apá náà sì wà lórí tábìlì, ní déédéé àyà. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kó ya ojú ẹ̀rọ náà àti káàdì oògùn pọ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Bó bá kọjá 180/120, kó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ṣì ga bẹ́ẹ̀, kó pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun màmá, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu wọn tàbí apá kan rọ, ilé ìwòsàn tààrà ni, kó má dúró de ìgbà tí ẹ máa jí lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí owó mọ́tò àti owó káàdì ilé ìwòsàn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́ rẹ̀.