Ìwé iṣẹ́ abẹ tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ìwé iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo lálẹ́ àná, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tá a rí àti ohun tá a ṣe ní tíátà, mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ọmọkùnrin ọdún 19 kan ni. Ìyá ẹ̀ ló gbé e wá láti Òkè-Báálẹ̀, inú ti ń run ún láti ọjọ́ mẹ́ta, ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, wọ́n rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ti fún un lágbo títí. Nígbà tá a fi máa jáde ní tíátà, aago 11 alẹ́ ti kọjá, ó ti rẹ̀ mí, mo jókòó mo kọ ọ́ pé: "Àpẹ́ńdíìsì wú, a gé e kúrò. Kí wọ́n máa bá oògùn lọ." Mo buwọ́ lù ú.

Ọ̀gá mi mú un, ó kà á tán, kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, "Tí ara ọmọ yìí bá gbóná lọ́jọ́ karùn-ún, tí ìwọ ò sì sí níbí, kí ni dókítà tó bá wà níbí máa rí kà?" Mi ò rí nǹkan kan sọ, torí gbogbo ohun tí onítọ̀hún máa nílò, inú orí mi ló wà, kò sí nínú ìwé.

Àpẹ́ńdíìsì yẹn, ìfun kékeré bí ìka tó so mọ́ ìfun ńlá, ò kàn wú lásán. Ẹ̀yìn ìfun ńlá ló sá sí, ṣóńṣó ẹ̀ ti bẹ́, òkúta ìgbẹ́ kékeré kan wà nínú ẹ̀, ọyún bíi mílílítà 80 sì ti ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí àpòòtọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀, ibi tó ti so mọ́ ìfun gan-an, le dáadáa, kò dúdú, kò rà. Ọ̀rọ̀ ìdí yìí ni ọ̀gá tẹnu mọ́ jù, torí ibẹ̀ la so òwú mọ́. Tí mo bá kọ ọ́ pé ìdí le, tí ibà wá dé lọ́jọ́ karùn-ún, tó ń yàgbẹ́ kékeré-kékeré pẹ̀lú ikun, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ọyún tó tún gbára jọ nísàlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí, wọ́n á ya àwòrán ikùn wò ó. Tó bá jẹ́ pé ìdí ti rà, ohun tó máa kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù ni pé ibi tá a so ti já, tí ìgbẹ́ ń jò sínú ikùn, ìyẹn sì lè dá ọmọ náà padà sí tíátà. Ibà kan náà, ìtumọ̀ méjì.

Mo wá tún un kọ. Mo kọ ibi tá a ti là á, pé ńṣe la ya ẹran ikùn sọ́tọ̀, a ò gé e, pé a bu ọyún ránṣẹ́ sí láàbù, a so iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, a fi òwú Fáíkírì 2/0 so ìdí lẹ́ẹ̀mejì ká tó gé e, a fa ọyún tó kù, a ka gọ́ọ̀sì àti irin iṣẹ́, ó pé, náílọ́ọ̀nù la fi rán awọ. Mo tún kọ ọ́ pé a ò fi rọ́bà tó máa ń fa ọyún jáde sílẹ̀ nínú ikùn, torí tí mi ò bá kọ ọ́, ẹnì kan máa wá a láàárọ̀.

Mo rò pé mo ti parí ni nọ́ọ̀sì pè mí láti wọ́ọ̀dù. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni kí n máa bá lọ? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Fún ọjọ́ mélòó?" Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo sì kọ ọ́ ní kíkún: sẹfitiráyásóònù gírámù 1 ní wákàtí 12-12, mẹtironídásóòlù mílígírámù 500 ní wákàtí 8-8, méjèèjì láti inú iṣan, fún ọjọ́ 5, ká tó tún un wò. Mo kọ oògùn ìrora àti omi ara, mo ní kí wọ́n pè mí tí ara ẹ̀ bá gbóná kọjá 38 tàbí tí ikùn ẹ̀ bá le. Omi mímu díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ tí kò bá bì, kó dìde rìn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tú okùn awọ lọ́jọ́ 10, kó padà wá gba èsì àpẹ́ńdíìsì láti láàbù.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí, ìyá ẹ̀ ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ gbígbóná. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, wọ́n fọwọ́ tọ ìlà náà, wọ́n kà á fún un: "Omi lásán ni wọ́n kọ síbí o, màmá, ṣíbí-ṣíbí, ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀sán." Ara ẹ̀ jẹ́ 37.6.