Ikọ́ Òru Ló Lé Mi Nídìí Sìgá

Ní gáréèjì táàsì wa n'Ìbàdàn, ó ṣọ̀wọ́n kí awakọ̀ ra odindi páálí sìgá. Ẹyọ-ẹyọ là ń rà á lórí àtẹ tí wọ́n ti ń ta obì àti ẹ̀pà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tábà ọdún 2015 ti ní kí wọ́n má tà á lẹ́yọ mọ́. Ẹni tó bá ń rà á báyìí kì í mọ iye tó ń fà. Mo máa ń fa ọ̀kan kí n tó fọwọ́ kan sítíárì láàárọ̀, mo máa ń fa òmíràn tí mo bá ń dúró de èrò ní Mọ́kọ́lá, ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ma ní "díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fà á."

Ikọ́ ti wà lára mi tipẹ́, èmi ò sì kà á sí. Lóru ọjọ́ kan ló wá gbé mi dìde lórí ibùsùn. Mo wúkọ́ títí mi ò fi rí èémí fà wọlé mọ́, mo kúnlẹ̀, mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Nígbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ìyàwó mi tan iná fóònù sí i. Ìlà pupa kan wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fọ́nrán òwú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ mà lèyí o."

Mo ní obì tí mo jẹ lálẹ́ ni.

"Ṣé inú àyà lobì ń gbé ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹyọ sìgá tó kù nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo rún un sínú ike ìdọ̀tí lóru náà.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé kí ẹ má kàn di gbogbo ikọ́ ru sìgá. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ ikọ́ ife wò, ìyẹn tíbì. Bí ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé èrò mẹ́rin, márùn-ún, tó yí gíláàsì sókè torí òjò, kì í ṣe tara rẹ̀ nìkan ló ń ṣe tó bá ní tíbì.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí. Mo tutọ́ sí i, mo gbé e fún un, ó dá a padà: "Bọ̀dá, itọ́ ẹnu lèyí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́." Ó ní kí n fi omi yọ ẹnu, kí n bọ́ sí gbangba níbi tí èèyàn ò sí, kí n fa èémí sínú dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, kí n wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Èyí tó ki ni wọ́n lè yẹ̀ wò. Ti òwúrọ̀ kùtù ló sì dára jù, torí ó ti kó jọ láti òru.

Wọn ò rí tíbì lára mi. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, òun náà ò fi nǹkan burúkú hàn. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí dókítà sọ pé fọ́tò tó mọ́ kò sọ pé sìgá ò tíì ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pé ìbàjẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè má hàn nínú fọ́tò rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sídìí sìgá ni mo fẹ́ sọ báyìí. Lẹ́yìn tí mo fi í sílẹ̀, ńṣe ni ikọ́ mi tún pọ̀ sí i. Àwọn ará gáréèjì ní, "Ṣé o rí i? Sìgá ló ń bá ọ dè é mọ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ wọn jọ òótọ́ létí, àmọ́ bí dókítà ṣe là á yé mi rèé. Àwọn irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú ọ̀nà èémí wa tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè. Èéfín sìgá máa ń mú kí wọ́n kú tipiri. Téèyàn bá dáwọ́ dúró, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta jí, ohun tó sì ti kó jọ nísàlẹ̀ á máa jáde. Ikọ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa bá a jáde, bí ọ̀sẹ̀ sì ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ni á máa fúyẹ́. Tó bá ń le sí i dípò kó fúyẹ́, tí ibà wà níbẹ̀, tí òógùn ń bo yín lóru, tí ẹ ń rù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tún yọjú, ẹ padà sílé ìwòsàn. Ẹ má sì wá omi ikọ́ tó ní kódíìnì tí ìjọba ti fòfin dè lọ́dún 2018. Ẹni tó ń wakọ̀ kọ́ ló yẹ kó máa mu ohun tó ń kunni lóorun.

Obì ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Àwa awakọ̀ ò lè ṣe òru láìsí obì, àwọn míì á tún fi ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun lọ tì í. Kaféènì ló wà nínú méjèèjì. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ kaféènì mọ́ kúrò nínú ara. Bí sìgá bá kúrò, ẹ̀dọ̀ á dẹwọ́, iye obì tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ á wá máa ṣe yín bí ìlọ́po méjì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí sítíárì, àyà mi ń lù kìkì, oorun ò kùn mí. Èmi rò pé òǹgbẹ sìgá ni. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló bi mí pé obì mélòó ni mo ń jẹ. Mo gé e sí ìdajì, mi ò sì jẹ ẹ́ mọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ náà fi dúró.

Òǹgbẹ sìgá gan-an yàtọ̀ síyẹn. Á rọ́ dé lójijì, á di èèyàn mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì lọ, bóo fà á bóo ò fà á. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù, ojú èèyàn á máa kan, ọkàn ò ní pa pọ̀. Torí náà, ẹ má ṣe gba èrò ọ̀nà jíjìn lọ́sẹ̀ yẹn. Pákò ló gbà mí ní Dùgbẹ̀: ó gba ẹnu, ó gba ọwọ́, èrò ò sì bínú sí i. Mo fọ aṣọ ìjókòó máíkírà mi, mo yọ àwo eérú rẹ̀ dànù, torí òórùn sìgá tó wà nínú ọkọ̀ ń pe èèyàn. Mo tún yẹra fún ìdí páragà fúngbà díẹ̀, nítorí mi ò tíì rí ẹni tó mu ún níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò wá sìgá kiri.

Mo ti ń sùn mọ́jú báyìí. Àmọ́ tí mo bá gbé jálá epo gun àtẹ̀gùn ilé wa, mo ṣì máa ń mí hẹlẹ. Dókítà ní kí n wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe lágbára tó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún mi, mi ò sì ní gbé èrò láàárọ̀ ọjọ́ náà.