Bí Mo Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Mí Ara Mi Kú ní Májídùn

Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS ni mo fẹ́ ṣe, apá ti ẹnu, níbi tí ìwọ àti olùdánwò yóò ti jókòó kojú ara yín. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n fún mi, ní Ìkẹjà. Ìkòròdú ni mo sì ń gbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà wa náà mọ ohun tí mò ń sọ. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti dìde.

Oorun tí mo sùn kò tó wákàtí mẹ́ta. Mo bá po kọfí dúdú, ife ńlá kan. Ojú mi kò là tó bí mo ṣe fẹ́, mo tún po èkejì. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú mi, mo ní ọ̀fun mi kò gbà á. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ìdánwò lẹ ń lọ ṣe ni àbí ẹjọ́ lẹ ń lọ jẹ́?"

Mo wọ dáńfó ní gáréèjì, mo jókòó ti ìyá oníbúrẹ́dì kan. Nígbà tá a fi máa dé Ògólóǹtò, àyà mi ń lù gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gún iyán fún ogún àlejò. Mo wá rántí pé ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe ìdánwò náà sọ fún mi pé bí ẹ̀rù bá ti ń bà mí, kí n máa mí kanlẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń mí in.

Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀. Hùúù, hàáà! Hùúù, hàáà! Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé agbọ̀n rẹ̀ sún díẹ̀.

Ká tó dé orí afárá Májídùn, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Ètè mi kú tipiri. Ojú ń yí mi. Mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ló ń tán lára mi, mo bá tún kún èémí náà. Bí mo ṣe ń mí sí i ni ara ń burú sí i.

Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Bọ̀dá, kí ló dé?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, "Mo ń lọ ṣe ìdánwò." Ṣùgbọ́n ètè tó ti kú kò jẹ́ kó jáde tán. "Mo ń lọ" nìkan ló bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin yìí fi igbe ta: "Ó ní òun ń lọ o! O ò ní lọ lórúkọ Jésù!" Ààfáà kan lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà tiẹ̀. Ẹnì kan já píọ̀ wọ́tà, ó dà á lé mi lórí, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo lọ̀ mọ́jú rin gbingbin. Kọ̀ndọ́ ní tirẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà: "Ṣó ti san owó ọkọ̀ ṣá?"

Ìyá oníbúrẹ́dì tú ọ̀rá búrẹ́dì kan, ó fẹ́ fi bò mí lẹ́nu kí n máa mí sínú rẹ̀, ó ní òun rí i rí nínú fíìmù. Ibẹ̀ ni ọwọ́ kan ti nà láti ẹ̀yìn, ó já ọ̀rá náà gbà.

Màmá àgbàlagbà kan ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Kò pariwo. Ó wo ètè mi, ó wo èékánná mi bóyá wọ́n ti ń dúdú. "Ọmọ mi, ṣé o ní ikọ́ fée?" Mo mi orí pé rárá. "Ṣé àyà ń dùn ẹ́?" Rárá. "Ìka ńkọ́, ṣó ń jó ẹ wínniwínni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ kò wọ́n ẹ. O ti mí jù ni." Ó ní afẹ́fẹ́ tá à ń mí síta yẹn, ara ṣì nílò díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Béèyàn bá lé e jáde jù, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ máa fún, òòyì á gbéni, ìka àti ètè á máa jó. Ó wá kọjú sí ìyá oníbúrẹ́dì: "Àtijọ́ la máa ń lo àpò. Bó bá wá jẹ́ pé ikọ́ fée tàbí ọkàn ló ń dà á láàmú ńkọ́, ẹ fẹ́ fi ọ̀rá búrẹ́dì pa á?"

Ó ní kí n pa ẹnu dé, kí n fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́, kí n ka ení dé ẹẹ́rin, kí n má fi kún àyà. Kí n wá su ẹnu jọ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí n tú u síta, kí n ka ení dé ẹẹ́fà. Ó ní mímí síta tó pẹ́ yẹn gan-an ló ń mú kí ọkàn rọra lù. Ìyẹn tí mò ń fà sínú bí ẹni ń fa omi kànga kò wúlò fún nǹkan kan. A jọ ń kà á. Gbogbo ọkọ̀ ń bá wa kà á, àti kọ̀ndọ́. Ká tó dé Máìlì 12, èèrà ti kúrò ní ìka mi.

"Kọfí mélòó lo mu?"

"Méjì, mà."

"O jẹun?"

Mo dákẹ́. Ó pòṣé. Ó ra búrẹ́dì fún mi lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mo sì jẹ ẹ́ níṣojú wọn bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Nígbà tí mo dé ibi ìdánwò, ẹni tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò wo fọ́tò, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tútù, ó tún wo fọ́tò. Wọ́n ṣáà jẹ́ kí n wọlé. Obìnrin tó fẹ́ dán mi wò tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ ilé àti iṣẹ́. N kò gbọ́ ìbéèrè kejì dáadáa, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyẹn kì í gé máàkì ẹni. Ohun tó fẹ́ da orí mi rú ni pé kò rẹ́rìn-ín, ó sì ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ṣé mo ti féèlì ni? Rárá o, aago ló ń ṣọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí, ọ̀pọ̀ ìbéèrè apá àkọ́kọ́ yẹn sì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn ń bi mí ni.

Ó wá fún mi ní káàdì, bébà àti pẹ́ńsù: ìṣẹ́jú kan láti ronú, kí n wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Mo ti há ọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá ilé ìwé mi sórí, gbogbo rẹ̀ pátá. Káàdì ní kí n sọ nípa àjèjì kan tó ràn mí lọ́wọ́. Àyà mi já. Mo fa afẹ́fẹ́ dé ẹẹ́rin, mo su ẹnu jọ, mo fẹ́ ẹ síta, bébà fò kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ olùdánwò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un fún mi. Mo rí i pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Mo gbé ọ̀gá ilé ìwé jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo kọ: ọkọ̀, omi, búrẹ́dì, nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má jẹ́ n parọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Mo dé ibi tí màmá já ọ̀rá gbà, olùdánwò ní, "Ẹ ṣé o." Ìṣẹ́jú méjì ti pé. Ó wá béèrè bóyá mo tún rí ẹni náà mọ́. Mo ní rárá.

Ìyá oníbúrẹ́dì ni mo rí, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní gáréèjì. Ó fi ìka tọ́ mi fún ẹnì kejì rẹ̀: "Ẹni tó ní òun ń lọ nìyẹn. Ó ti dé."