Déètì kan ṣoṣo

Lálẹ́ àná, àbúrò mi obìnrin fi síífíì tó fẹ́ fi wáṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ránṣẹ́ sí mi. Láti ìlà ìsàlẹ̀ ni mo ti kà á lọ sókè, kí ojú má baà sáré kọjá àṣìṣe.

Ibi déètì ni àyà mi ti já. Ó kọ ọ́ pé òun fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 05/11/2021, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní 15/11/2021. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n oṣù ni ará Amẹ́ríkà máa ń kọ ṣáájú: oṣù karùn-ún ló máa ka déètì àkọ́kọ́ sí, á sì rò pé àbúrò mi jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà!

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án."

A yí méjèèjì sí "Nov 2021". Mo tún rí "manage" lábẹ́ iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀, tí "trained" sì tẹ̀ lé e. A sọ ọ́ di "managed". Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ la fi "manage" sílẹ̀ fún. Ìlà mẹ́rin ní àmì ìdánudúró, méjì kò ní. A yọ gbogbo rẹ̀.

Òwúrọ̀ yìí ló fi ránṣẹ́.