Kí ẹ tó kọ "A ti rí i" sí oníbàárà tó fẹ́ fi ọkọ̀ kún ìnṣọ́ránsì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí tábìlì bùrókà bíi tèmi, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ohùn Alhaja ṣì wà létí mi.

Wọ́n ní ọkọ̀ mẹ́rin lórí ìwé ìnṣọ́ránsì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ìlèwó, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi àwòrán ìwé bọ́ọ̀sì tuntun ránṣẹ́ láti Ìta Ọ̀ṣìn: "Ọmọ mi, bá mi fi eléyìí kún un." Mo fèsì pé, "A ti rí i, Alhaja." Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo tún kọ ọ́ pé, "Àfikún owó yín jẹ́ 144,000 náírà." Wọn ò san. Wọ́n rò pé a fowó lé ti ọkọ̀ mẹ́rin àtijọ́ ni.

Ọjọ́ karùn-ún, bọ́ọ̀sì náà lọ kọlu ẹ̀yìn tírélà ní Siun.

Alhaja wá fúnra wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé fóònù wọn síwájú mi, wọ́n fi ìka tẹ "A ti rí i" yẹn, wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo kọ èyí?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti dá wa lóhùn: owó ò wọlé, ààbò ò sí. Òfin wa nìyẹn, mi ò sì lè bá wọn jà. Alhaja fi owó ara wọn tún ọkọ̀ ṣe. A ti parí ìjà báyìí.

Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́. Ìṣirò mi pé. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni kò pé. Ohun tí mo máa ń kọ báyìí rèé, ẹ jẹ́ kí n fi ti Alhaja ṣe àpẹẹrẹ:

"A ti gba ìwé bọ́ọ̀sì yín, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú ìnṣọ́ránsì. Owó bọ́ọ̀sì náà jẹ́ 7,300,000 náírà. Bó bá jẹ́ ọdún kan gbáko, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 365,000 náírà, ni ẹ bá san. Ọjọ́ 144 ló kù kí ìwé yín parí, 1,000 náírà lójúmọ́, nítorí náà 144,000 náírà ni. Owó ọkọ̀ mẹ́rin àtijọ́ kò yí padà. Ọjọ́ tí owó bá wọlé tí ìwé àfikún sì jáde ni ààbò yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́, a ó tún un ṣírò, torí ọjọ́ tó kù yóò dín."

Ọ̀gá mi ní ó gùn jù. Ó lè gùn, àmọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, "kò tíì wọ inú ìnṣọ́ránsì", mi ò ní yọ ọ́ láé. Òun ni mi ò kọ sí Alhaja. Mo tún máa ń pe oníbàárà lórí fóònù, kí n sọ ọ́ lẹ́nu pé kí awakọ̀ má gbé ọkọ̀ náà kúrò nílé títí ìwé yóò fi jáde.