Èló ni kí n fi ta géèmù yìí? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìṣirò Kelly

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń fi wákàtí méjì ro ẹgbẹ́ tó máa borí, a ó wá fi ìṣẹ́jú kan pinnu iye tí a máa fi lé e. Níbi ìṣẹ́jú kan yẹn ni àpò ti ń jò. Èèyàn lè mọ géèmù yàn, kí ọ́ọ̀dì tó ń rí sì dára, kí owó rẹ̀ ṣì tán, torí pé iye tó ń fi ta pọ̀ ju ohun tí àǹfààní rẹ̀ lè gbé lọ.

John Kelly, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò tí à ń lò fún un jáde ní 1956. Bí ìròyìn ṣe ń gba orí wáyà tó kún fún ariwo kọjá ló ń wádìí. Ó wá fi atatẹ́tẹ́ kan tí ìròyìn tètè ń dé etí rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó bèèrè pé, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kí owó rẹ̀ yára dàgbà jù lọ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìpín wo nínú owó ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa fi ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Bí a bá lo ọ́ọ̀dì bó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wa, ìdáhùn rẹ̀ nìyí:

```
f = (p × o − 1) / (o − 1)
```

`o` ni ọ́ọ̀dì. `p` ni ìṣeéṣe pé géèmù náà máa wọlé, bí a bá kọ ọ́ bí ìpín nínú 1. `f` ni ìpín owó tí a máa fi ta.

Ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan. Ẹgbẹ́ tó wà nílé wọn ní ọ́ọ̀dì 2.10, ọ̀mì jẹ́ 3.30, àlejò jẹ́ 3.60. Owó tí o yà sọ́tọ̀ fún tẹ́tẹ́ jẹ́ ₦50,000. (Mo ní owó tí o yà sọ́tọ̀. Owó ilé àti owó iléèwé ọmọ kò sí nínú ìṣirò yìí.) O ṣe ìwádìí rẹ, o sì gbà pé bí wọ́n bá gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, onílé á borí nínú 52. Fi 0.52 lu 2.10, ó di 1.092. Yọ 1 kúrò, ó ku 0.092. Pín in sí 1.10, ó di 0.0836. Ìdá mẹ́jọ àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ìyẹn nǹkan bí ₦4,180. Bí ó bá wọlé, owó rẹ di ₦54,600 ó dín díẹ̀, orí iye tuntun yẹn sì ni wàá ti ṣírò tẹ́tẹ́ tó kàn. Bí ó bá gé, ₦45,820 ló kù, orí ìyẹn náà ni wàá sì ti ṣírò. Bí owó bá ń dín, iye tí ò ń fi ta á máa dín pẹ̀lú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, `p × o`, ni kí o máa kọ́kọ́ wò. Bí kò bá ju 1 lọ, má ta á rárá. Kelly kò mọ ohun tó ń jẹ́ "fi kékeré dán an wò" lórí géèmù tí ilé tẹ́tẹ́ ti ń jẹ ọ́.

Kí ló wá dé tí a ò fi lè ta ju ìpín yẹn lọ nígbà tí àǹfààní wà lọ́wọ́ wa? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà gbọ́, nítorí náà mo máa fi owó ẹyọ ṣàlàyé, torí pé ó rọrùn láti rí. Ká ní owó ẹyọ kan wà tó máa ń dojú kọ òkè nígbà 60 nínú 100, tí wọ́n sì ń san owó rẹ ní ìlọ́po méjì bí o bá jẹ. Kelly ní kí o máa fi 20% owó rẹ ta. Gbé ₦10,000 sílẹ̀, ta á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí o jẹ 60, kí o pàdánù 40, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tó ń fi 20% ta á ní nǹkan bí ₦74,900. Ẹni tó ń fi 10% ta, ìyẹn ìdajì Kelly, á ní nǹkan bí ₦45,000. Ẹni tó ń fi 40% ta á bá ₦7,830 nílẹ̀: owó rẹ̀ dín sí ti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ tí wọ́n sì pàdánù. Ẹni tó ń fi ìdajì owó rẹ̀ ta ńkọ́? ₦334.

Ohun tó fà á ni pé ìpàdánù àti èrè kò dọ́gba nínú ìsọdipúpọ̀. Bí o bá pàdánù 50%, èrè 50% kò lè dá ọ padà síbi tí o wà. 100% lo nílò. Bí ìpín tí ò ń fi ta bá ti ń pọ̀, ihò tí ìpàdánù kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ á máa jìn ju òkìtì tí èrè ń kó lọ, títí àǹfààní rẹ á fi parẹ́ nínú ihò náà. Níbi ìlọ́po méjì Kelly tàbí nítòsí rẹ̀, ìdàgbàsókè á di òfo. Láti ibẹ̀ lọ, bí o ṣe ń mọ géèmù yàn tó kò kàn án mọ́.

Victor Haghani àti Richard Dewey fi irú owó ẹyọ yìí gan-an dán àwọn èèyàn 61 wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 25 àti ìdajì wákàtí, wọ́n sì sọ fún wọn kedere pé 60% ni. Akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìnáwó àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ìnáwó ni wọ́n. 28% nínú wọn pa gbogbo owó náà run. Wọn kò ní láti méfò `p`, wọ́n gbé e lé wọn lọ́wọ́. Iye tí wọ́n ń fi ta ló gbé wọn ṣubú.

Àwa tí à ń ta bọ́ọ̀lù kò tiẹ̀ ní `p` lọ́wọ́. Àwa la ń dá a sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí le sí. Ẹ padà sí géèmù wa. Mú 1, pín in sí ọ́ọ̀dì kọ̀ọ̀kan: 2.10 fún wa ní 0.476, 3.30 fún wa ní 0.303, 3.60 fún wa ní 0.278. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 1.057. Ó yẹ kó jẹ́ 1, àlékún 0.057 yẹn ni èrè ilé tẹ́tẹ́. Bí o bá pín 0.476 sí 1.057, wàá rí i pé ohun tí ilé tẹ́tẹ́ gbà gbọ́ gan-an nípa onílé jẹ́ nǹkan bí 45%. Ìwọ ń sọ pé 52%. Kí lo mọ̀ tí wọn ò mọ̀? Bí o kò bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bí àpẹẹrẹ pé gbábọ́ọ̀lù kan ti fara pa tí ọ́ọ̀dì kò sì tíì yí, a jẹ́ pé ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló gbé 52 yẹn wá.

Ẹ wo bí àṣìṣe kékeré ṣe ń ṣe é. Bí òtítọ́ bá jẹ́ 50%, Kelly gidi jẹ́ 4.5%, ìwọ ń fi 8.4% ta, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlọ́po méjì. Bí òtítọ́ bá jẹ́ 47%, kò yẹ kí o ta nǹkan kan. Má sì sọ pé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ fi 52% hàn nínú tẹ́tẹ́ 100. Nínú 100 péré, orí ire àti orí burúkú nìkan lè fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tì í sókè tàbí sísàlẹ̀. Láàárín 47% sí 57% lo lè wà, ìyẹn ni pé Kelly rẹ lè jẹ́ òfo, ó sì lè jẹ́ 18%.

Nítorí èyí ni mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi odidi Kelly ta. Ìdajì ni kó lò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè lo ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdajì ń fún ọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdàgbàsókè náà. Ohun tí o sì ń rí gbà padà pọ̀: pẹ̀lú odidi Kelly, ìṣirò fojú bù ú pé ìṣeéṣe kí owó rẹ já sí ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà kan jẹ́ ìdá kan nínú méjì, kódà bí `p` rẹ bá tọ́. Pẹ̀lú ìdajì Kelly, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Nínú géèmù wa, ₦2,090 ni wàá fi ta, kì í ṣe ₦4,180.

Ọ̀ràn Sátidé wà níbẹ̀ o. Ìṣirò yìí gbà pé ọ̀kan á parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí géèmù mẹ́wàá bá ń lọ ní aago kan náà tí o sì fi 8% ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, 80% owó rẹ ló wà níta. Bí mo bá ní ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo máa ń fi òpin sí àpapọ̀ wọn, 15% gbogbo rẹ̀, kí n tó pín in láàárín wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì onígèémù márùn-ún ńkọ́? Bí irú àlékún 0.057 yẹn bá wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí o kò sì mọ̀ jù wọ́n lọ, lápapọ̀ ₦758 péré ni ₦1,000 rẹ níye lórí ní kété tí o bá tẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Kódà bí o bá ní àǹfààní gidi, ọ́ọ̀dì 30 pẹ̀lú `p` 4%, odidi Kelly kò ju 0.69% lọ, ìyẹn ₦345 nínú ₦50,000. Wo ohun tí àwọn èèyàn ń fi ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀.

Ìyá gbogbo àṣìṣe ni fífi ìlọ́po méjì lé e lẹ́yìn ìpàdánù kí o lè gba owó rẹ padà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦500, pàdánù mẹ́fà léra, ₦31,500 ti lọ. Ẹ̀keje ń béèrè ₦32,000, ₦18,500 ló sì kù lápò. Kelly ń dín owó kù nígbà tí nǹkan bá burú. Èyí ń fi kún un.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé `p` rẹ ní ìtumọ̀ láì dúró de tẹ́tẹ́ ẹgbẹ̀rún kan? Kọ ọ́ọ̀dì tí o gbà sílẹ̀, kí o sì kọ èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí rẹfirí ń fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá gba 2.10 tó sì máa ń di 1.95 kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn olówó ńlá ti gbà pẹ̀lú rẹ lẹ́yìn tí o ti ta. Bí ó bá máa ń di 2.25, `p` rẹ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Fà á sísàlẹ̀, tún ìṣirò ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfo ni `f` máa jáde.